LDL mi já láti 176 sí 4.4 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń jẹ óòtì: ṣé ó ti lọ tán ni?

Télọ̀ Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́bọ̀. Ẹni ọdún 52 ni mí, aṣọ ni mò ń rán, orí ìjókòó ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tó wà nínú ìwé nìyí: kolẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ 248, HDL 46, tíráígílísíráìdì 130, LDL 176. Dókítà ní HDL ni kolẹ́sítírọ́ọ̀lù tó dára, tíráígílísíráìdì jẹ́ ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, LDL ni kolẹ́sítírọ́ọ̀lù tó burú, òun ló ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá mi jà, ṣúgà ò sí lára mi, kí n kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta tún oúnjẹ ṣe ká tó sọ̀rọ̀ oògùn. Óòtì, ẹ̀wà àti ilá ló dárúkọ.

Mo ṣe é. Láràárọ̀, ṣíbí óòtì mẹ́ta pẹ̀lú mílíìkì agolo kan àti ṣúgà díẹ̀. Ilá, mo máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mà á mu omi rẹ̀. Ti ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì tí mò ń bù sórí àmàlà lálaalẹ́ ni mo kà á sí. Lánàá mo tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ní láàbù mìíràn, torí ti àkọ́kọ́ kò tètè ṣílẹ̀kùn. LDL 4.4 ni wọ́n kọ. Láti 176 sí 4.4! Inú mi dùn, àyà mi tún ń já. Ṣé ó ti lọ tán nínú ẹ̀jẹ̀ ni? Ṣé kò ti wá kéré jù? Ṣé kí n dá óòtì dúró?

Ìyá Alákàrà Tákíé
Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n! Ṣé mo sọ àbí n ò sọ? Omi ilá ni, kì í ṣe óòtì. Èmi gan-an, oṣù mẹ́rin ni mo fi mu omi ilá, ìwé àyẹ̀wò mi sì gbayì. Ilá márùn-ún ni kẹ́ ẹ gé lórí gé nídìí, kẹ́ ẹ fi sínú ife omi kan di àárọ̀. Bó ṣe ń fà yẹn náà ló máa ń fa ọ̀rá jáde lára. Ẹ má dá a dúró o.

Ṣadé Sábó
Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà ló ní kí ẹni ọdún 52 máa mu ọtí láràárọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Bàbá wa mu ọtí títí, ẹ̀dọ̀ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Ọmọ Àjílété tí ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ yangan, kí la fẹ́ fi ọtí ṣe?

Télọ̀ Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, 7:26 àárọ̀

Ṣadé, óòtì ni mo kọ, oúnjẹ inú agolo tí wọ́n ń sè bí ògì. Kì í ṣe ọtí o! Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín kú lọ níbí.

Alámìí Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká rọra ná. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mi ò sì fẹ́ ba ayọ̀ yín jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé méjèèjì, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ó dá mi lójú pé ti àkọ́kọ́ á ní mg/dL, ti èkejì á ní mmol/L. Òṣùwọ̀n méjì ni. Ó dà bí ẹni tó fi kóńgò wọn ìrẹsì lánàá, tó fi àpò wọn ìrẹsì kan náà lónìí, tó wá ń pariwo pé ìrẹsì òun ti tán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ti èkejì di ti àkọ́kọ́, ẹ fi 38.7 sọ ọ́ di púpọ̀. 4.4 ní ọ̀nà 38.7 á fún yín ní 170. Láti 176 sí 170 ni LDL yín lọ. Èyí kò tó 4 nínú 100. Bí ẹ bá sì gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà lónìí àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé ó yí oúnjẹ padà rárá, LDL rẹ̀ lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Láàbù méjì tún lè ní ẹ̀rọ méjì. Nítorí náà mi ò lè sọ pé ó lọ sílẹ̀, mi ò sì lè sọ pé kò lọ.

Mo ṣe ìṣirò ìwé àkọ́kọ́ yín wò: 248, ẹ yọ HDL 46, ẹ pín tíráígílísíráìdì 130 sí márùn-ún, ìyẹn 26, ẹ yọ ìyẹn náà. 176 ló kù. Ìwé yẹn dúró dáadáa.

Télọ̀ Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Háà. Mo ti wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́: mmol/L. Lẹ́tà náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi pa ẹnu mi mọ́! Ṣé pé irọ́ ni óòtì yìí ni?

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ajé, 12:31 ọ̀sán

Kì í ṣe irọ́. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: irú ṣíbí wo? Ṣé ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń jẹ ìrẹsì, ṣé ẹ bù ú kún gègèrè? Ṣé èyí tí wọ́n fi ṣúgà àti ìtasánsán sí tẹ́lẹ̀ ni? Ẹran wo lẹ fi ń jẹ àmàlà yẹn?

Télọ̀ Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, 12:50 ọ̀sán

Ṣíbí ìjẹun ni, kò kún gègèrè. Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ní adùn ni, omi gbígbóná ni mo kàn ń dà lé e. Ti ẹran, mi ò lè purọ́ fún yín: ṣàkì, bọ̀kọ́tọ̀ àti ẹran tó ní ọ̀rá díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ò lè jẹ àbùlà kó má jẹ ẹran.

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ajé, 1:37 ọ̀sán

Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ gùn díẹ̀, torí ìsọ̀rọ̀ "ó ń fa ọ̀rá jáde" tí Ìyá Alákàrà sọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rá ló ń fà.

Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe òróòro tó ń lọ sínú ìfun láti bá wa da ọ̀rá oúnjẹ. Kolẹ́sítírọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe é. Ẹ wo ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò onígò ní Tákíé. Ìgò kan náà ló ń lọ, ló ń bọ̀: oníbàárà á mu tán, á dá ìgò padà, wọ́n á tún rọ òmíràn sí i. Òróòro rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, ìparí ìfun kékeré á gbà á padà, á rán an lọ sí ẹ̀dọ̀. Bí 95 nínú 100 ló ń padà. Ẹ̀dọ̀ kì í fẹ́ ná owó sí ìgò tuntun.

Fáíbà ni apá oúnjẹ irúgbìn tí ikùn wa kì í lè dà. Èyí tó ń yọ́ nínú omi nínú rẹ̀, tó máa ń di yíyọ̀ tó ń fà nínú óòtì, inú ẹ̀wà àti ilá, oníbàárà tí kì í dá ìgò padà ni. Ó máa ń ki bí ẹ̀kọ nínú ìfun, á ká òróòro mọ́ inú ara rẹ̀, á sì gbé e jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Ìgò wá dín lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀. Ó di dandan kó ṣe tuntun, kolẹ́sítírọ́ọ̀lù tó sì máa lò, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń mú un: á fi kún ọwọ́ tó fi ń gbá LDL mú. Ìdí nìyẹn tí LDL fi ń dín kù, tí HDL àti tíráígílísíráìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ mira.

Ẹ rí i pé kíki yẹn niṣẹ́ wà. Bí kò bá ki tó, òróòro á yọ lọ. Ti óòtì, fáíbà tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ń jẹ́ bẹ́tà-glúkáànù, gíráàmù 3 lóòjọ́ ló sì yẹ kó wọlé. Láti ọdún 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà kí àwọn tó ń ṣe óòtì máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára páálí wọn. Nínú 100 gíráàmù óòtì gbígbẹ, bí 4 ni bẹ́tà-glúkáànù. Ẹ ṣírò ó: gíráàmù 75 óòtì ló máa fún yín ní 3. Ṣíbí mẹ́ta tí kò kún, bí gíráàmù 24 ni. Gíráàmù kan péré lẹ ń rí, ìdá kan nínú mẹ́ta. Agolo mílíìkì yẹn, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bu óòtì kún un, á tó gíráàmù 50. Agolo kan àti ààbọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa jẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó nípọn pẹlẹbẹ, tí kò ní ṣúgà, kẹ́ ẹ sè é lórí iná títí á fi máa fà. Wọ́n ti fi bẹ́tà-glúkáànù tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ wé èyí tó ṣì gùn, iye gíráàmù kan náà, iṣẹ́ èyí tó ti fọ́ kò tó ìdajì ti èkejì.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó mọ náà fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, LDL á fi bí 5 sí 7 nínú 100 dín kù. Ti yín, bí 10 nìyẹn, láti 176 sí nǹkan bí 166. Kò ní gbé yín dé 100. Mílíìkì agolo tó ní ọ̀rá tẹ́ ẹ ń dà sí i pẹ̀lú ọ̀rá ẹran alẹ́ yẹn sì ń ti LDL sókè bí óòtì ṣe ń fà á wálẹ̀.

Àgbẹ̀ Oríire
Ọjọ́ Ajé, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, óòtì, óòtì. Oúnjẹ ìlú olótùútù ni! Owó agolo rẹ̀ kan lónìí á ra ẹ̀wà tí ìdílé á jẹ tí wọ́n á sinmi. Ẹ̀wà là ń gbìn. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ gbẹ̀gìrì tí télọ̀ wa ń jẹ yẹn, ẹ má kà á kún ẹ̀wà. Wọ́n ti bó eèpo rẹ̀ dànù, eèpo sì ni gbogbo fáíbà wà. Ẹ̀wà olóyin sísè, teèpo-teèpo, òun ni ẹ̀wà.

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun bàbá, ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Fáíbà pọ̀ nínú eèpo ẹ̀wà, àmọ́ irú èyí tí kì í yọ́ nínú omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, kì í ká òróòro mọ́. Èyí tó ń yọ́, inú ẹran ẹ̀wà gan-an ló wà, ìdí nìyẹn tí omi ẹ̀wà sísè tó ti tutù fi máa ń ki. Ẹni tó bó ẹ̀wà ṣe ẹ̀kuru kò sọ èyí tí à ń wá nù.

Ohun tó ń bá gbẹ̀gìrì jà ni pé kò pọ̀ nínú abọ́. Ìpọnbẹ̀ kan tó ṣàn, ẹ̀wà inú rẹ̀ lè má ju ṣíbí méjì lọ, epo pupa sì wà lójú rẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí ẹ̀wà ti fi bí 5 nínú 100 dín LDL kù, bí gíráàmù 130 ẹ̀wà tó ti jiná ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹ bu agolo mílíìkì kan kó kún dáadáa, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé oríṣiríṣi ẹ̀wà òyìnbó àti ti àwọn ará Éṣíà ló pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyẹn, kì í ṣe olóyin tiwa nìkan.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ọjọ́ Ajé, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti gáàsì kún un. Mo gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí lẹ́ẹ̀kan, mo fò láti ẹ̀wà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sí ojoojúmọ́. Mi ò lè jókòó sínú ọkọ̀ èrò fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì agolo, ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ máa mu omi dáadáa. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi fara mọ́ ọn.

Ìkejì: màmá mi ń lo oògùn ọ̀fun, ti gẹ̀gẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń lò ó, wọ́n wá ń fi óòtì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò wọn dà rú. Dókítà ní fáíbà ń ká oògùn náà mọ́ bó ṣe ń ká òróòro mọ́, pé kí wọ́n fi omi lásán lo oògùn, kí wọ́n dúró tó wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun. Mo tún gbọ́ pé ilá kò gbọ́dọ̀ pàdé oògùn àtọ̀gbẹ?

Alámìí Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 7:15 alẹ́

Ti ilá àti oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ mẹtifọ́míìnì, lára eku ni wọ́n ti rí i. Ilá kò jẹ́ kí oògùn wọ ara eku tó bó ṣe yẹ. Mi ò ní tìtorí ẹ̀ sọ pé kí aláàtọ̀gbẹ má jẹ ọbẹ̀ ilá, ṣùgbọ́n kí ó fi omi ilá gbé oògùn mì, ìyẹn ni mi ò ní gbà.

Ìyá Alákàrà Tákíé
Ọjọ́ Ajé, 7:48 alẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ ò ì sọ ti omi ilá mi o. LDL tèmi kúrò ní 190, ó wá sí 112. mg/dL ni méjèèjì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni!

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ajé, 8:06 alẹ́

Ìyá, ẹ kú ìmójútó. Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: ṣé wọ́n fún yín ní oògùn kankan lásìkò yẹn?

Ìyá Alákàrà Tákíé
Ọjọ́ Ajé, 8:11 alẹ́

Èyí tí mò ń lò lálẹ́ nìkan. Kékeré ni, ó funfun. Átọ́fásítátìn.

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ajé, 8:29 alẹ́

Òun ni, ìyá mi. Oògùn yẹn nìkan lè gé LDL ní 30 sí 50 nínú 100, tiyín sì fi bí 41 wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí omi ilá dá a dúró. Ẹni tí LDL rẹ̀ ti tó 190 kì í ṣe ẹni tí oúnjẹ nìkan á tó fún.

Ilá dára, yíyọ̀ rẹ̀ ń di òróòro mú tí wọ́n bá dán an wò nínú ìgò láàbù. Lára èèyàn ni ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pọ̀ bíi ti óòtì àti ẹ̀wà. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ilá, bí 90 nínú 100. Nínú ilá márùn-ún tẹ́ ẹ rẹ mọ́jú, díẹ̀ ló bọ́ sínú ife, ìyókù wà lára ilá tẹ́ ẹ sọ nù. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ sè é, kẹ́ ẹ jẹ òun fúnra rẹ̀.

Àgbẹ̀ Oríire
Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Mo gba ti eèpo ẹ̀wà. Ti epo pupa ni mi ò gbà. Bàbá mi fi epo pupa jẹ iṣu títí wọ́n fi lé ní 90 ọdún, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sóko.

Alámìí Láàbù
Ọjọ́ Ajé, 9:37 alẹ́

Bàbá, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ní 90 ọdún àti télọ̀ tó jókòó láti àárọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni irú èyí tó ń gbé LDL sókè. Ẹnikẹ́ni ò sì yẹ LDL bàbá wò, a ò mọ iye tó jẹ́.

Àgbẹ̀ Oríire
Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì wà láàyè. Mo ṣì wà níbi tí mo wà.

Télọ̀ Arówómọlé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ìyàwó mi ń ṣe kéèkì, ó ní òṣùwọ̀n kékeré kan. A wọn ṣíbí mẹ́ta mi láàárọ̀ yìí: gíráàmù 23. Àǹtí, ẹ ò rí mi, ẹ mọ ìwọ̀n ọwọ́ mi!

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé, ẹ bá mi wò ó. Agolo óòtì kan láràárọ̀, tí mo máa sè lórí iná, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ṣíbí kan, ṣúgà rárá. Mi ò lè jẹ agolo kan ààbọ̀, mo dán an wò, ó ki bí àtè, ọ̀nà ọ̀fun mi kọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, ìdajì agolo ẹ̀wà sísè, kó di odindi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́, àmàlà mi pẹ̀lú ilá tí wọ́n rẹ́, ẹja dípò ṣàkì. Àbùlà di ọjọ́ Sátidé. Ṣé mo lè sọ fún dókítà lọ́jọ́bọ̀ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn?

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Agolo kan, gíráàmù 2 bẹ́tà-glúkáànù nìyẹn. Ẹ lè jẹ ìdajì tó kù lálẹ́, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ̀wà á gbà yín díẹ̀. Ẹ mú ìwé méjèèjì lọ fún dókítà, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ ohun tẹ́ ẹ jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kó má lọ rò pé ara yín kọ oúnjẹ. Bóyá á fún yín láyè, bóyá á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn pẹ̀lú rẹ̀, òun ló mọ ìtàn ìdílé yín.

Alámìí Láàbù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Láàbù tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ni kẹ́ ẹ padà sí o, bí wọn ò bá tiẹ̀ tètè ṣílẹ̀kùn. Ẹ dúró dè wọ́n.

Ìyá Alákàrà Tákíé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 àárọ̀

Mo ti ń lo oògùn mi lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n télọ̀, ẹ̀kuru máa wà lọ́dọ̀ mi láti Ọjọ́rú, mi ò ní fi ẹ̀kán epo sí i. Ẹ wá rà á. Ata díndín tí à ń fi jẹ ẹ́ nìkan ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é tí kò ní máa lúwẹ̀ẹ́ nínú epo.

Àǹtí Onímọ̀-Oúnjẹ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Ìyá, ata yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.